Kọ́bọ̀ Kan Tó Ń Jò: Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ Mi Nínú Kóòdù Tí N Kò Kọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àbúrò mi. Mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ yín ń múra àtilọ fún oṣù mẹ́fà ìkọ́ṣẹ́, àti pé àwọn kan nínú yín ti rí àyè ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ áàpù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín lónìí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ nígbà tí èmi náà wà ní ìkọ́ṣẹ́. Fọ́ńṣọ̀n onílà méjì ni mo sọ di onílà mẹ́jọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó gbà mí.

Ilé iṣẹ́ náà wà ní Yábàá, l'Ékòó. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Áàpù tí wọ́n ṣe, àwọn alájọ ló ń lò ó. Oníbàárà á dá owó àjọ rẹ̀, áàpù á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ pé owó ti wọlé, á sì yọ owó àtẹ̀jíṣẹ́ náà nínú àkáǹtì alájọ. Èdè `Python` ni wọ́n fi kọ ọ́, fáìlì 312. Ọwọ́ ènìyàn bíi mẹ́fà ló ti kọjá lára rẹ̀, méjì nínú wọn ti kúrò níbẹ̀ kí n tó dé.

Ẹjọ́ tó délẹ̀ ni pé ìwé owó tí ilé iṣẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa lóṣù yẹn kò bá àkọsílẹ̀ tiwa mu. ₦380 ló fi ju iye tí a yọ lọ́wọ́ àwọn alájọ lọ. Akáùńtáǹtì wa, obìnrin tí kì í fojú fo kọ́bọ̀ kan, kò gbà kí ó kọjá. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ wá yíjú sí mi, ó ní, "Wò ó wò, bóyá wàá rí ibi tó ti ń jò."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi, mo ṣí fáìlì tó wà lókè pátápátá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Mo tún ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, mo ń fi bírò pupa àti búlúù to orúkọ fọ́ńṣọ̀n sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta mo ti ka fáìlì mọ́kàndínlógún, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí pé kí ni áàpù yẹn ń ṣe, n kò lè sọ ju ohun tí mo mọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Kóòdù kì í ṣe ìtàn. Bí ọjà Bódìjà ló rí: bí o bá ní o fẹ́ ya gbogbo ìsọ̀ tó wà níbẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ á ṣú bá ọ, o kò sì ní rí ata tí wọ́n rán ọ. Ata lo wá rà. Béèrè ọ̀nà ìsọ̀ aláta.

Ẹ̀gbọ́n mi ló rí ìwé oníbírò pupa yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí pé, "Ṣé o tiẹ̀ ti tan áàpù náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ?" N kò tíì tàn án. Mo rò pé ó gbọ́dọ̀ yé mi kí n tó fọwọ́ kàn án. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Tan áàpù náà kọ́kọ́, lò ó bí alájọ ṣe ń lò ó, wá ojú ewé tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé fún ọ ti hàn, kí o wá mú ọ̀rọ̀ kan lójú ewé yẹn kí o fi wá inú kóòdù. Ìyẹn ni okùn tí wàá máa fà.

Ọ̀rọ̀ tí mo rí lójú ewé ni "Owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan". Àṣẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú gbogbo fáìlì tí `git`, irinṣẹ́ tó ń pa ìtàn kóòdù mọ́, ń tọ́jú nìyí:

```
git grep -n "Owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan"
```

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà wà níwájú mi gbangba, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Mo fi bí wákàtí kan rò pé orí mi ló dàrú. Àṣé àmì ohùn ni. Lẹ́tà bí "ẹ́", kò sí kóòdù kan ṣoṣo tó dá dúró fún un nínú kọ̀ǹpútà: ẹnì kan lè tẹ "ẹ" kí ó tó fi àmì òkè lé e, kíbọ́ọ̀dù ẹlòmíràn lè tẹ "é" kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni wọ́n lójú `git grep`. Ẹni tó kọ ojú ewé yẹn kò lo irú kíbọ́ọ̀dù tí mo ń lò. Mo wá da ọ̀rọ̀ náà kọ láti ojú ewé gan-an, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àṣẹ náà, ó sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nínú fáìlì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí áàpù tó ń sọ Yorùbá, ẹ fi èyí sápò.

Láti ibẹ̀, mo kàn ń tẹ̀lé ìpè ni. Ojú ewé náà gba iye owó láti inú fọ́ọ̀mù, ó fi ránṣẹ́ sí fọ́ńṣọ̀n kan, fọ́ńṣọ̀n yẹn pe òmíràn, òmíràn yẹn ló sì ń sọ náírà di kọ́bọ̀ kí wọ́n tó fi í pamọ́. Fáìlì mẹ́rin péré ni mo kàn lójú ọ̀nà, nínú 312. Ìdí kànga náà nìyí:

```python
def to_kobo(naira):
    return int(float(naira) * 100)
```

Ó dára lójú, àbí? Mo kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó dá mi dúró ni akáùńtáǹtì yẹn, tí mo lọ bá nígbà tí ojú mi ti fọ́. Mo bi í pé mélòó ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ lóṣù yẹn. Ó ní 38,000. Ó tún ní láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn ni wọ́n ti fi owó kún un, láti ₦4 sí ₦4.35. Ẹ gbọ́ ìṣirò: ₦380 jẹ́ kọ́bọ̀ 38,000. Àtẹ̀jíṣẹ́ 38,000, kọ́bọ̀ 38,000. Kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọnù. Iye kan náà ló ń dín ní kọ́bọ̀ kan nígbà gbogbo, ọjọ́ tí owó kúrò ní ₦4 gééré ló sì bẹ̀rẹ̀. Mo sáré padà, mo ṣí `python`:

```python
>>> 4.35 * 100
434.99999999999994
>>> int(4.35 * 100)
434
```

Ẹ mọ̀ pé bí a bá ní kí a fi dẹ́símà kọ ìdá kan nínú mẹ́ta, 0.333 la ó máa kọ títí, kò ní parí. Òǹkà 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà ń lò náà ní irú ìṣòro yẹn, àwọn nọ́ńbà tirẹ̀ ló kàn yàtọ̀ sí tiwa. 4.35 wà lára àwọn tí kò lè kọ tán. Ó ń tọ́jú èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ, tó fi díẹ̀ kín-ún dín. `int` kì í sì í sọ nọ́ńbà di èyí tó sún mọ́ ọn, ńṣe ló ń gé ìrù rẹ̀ dànù. 4 kò ní irú wàhálà yẹn, ìdí nìyí tí àṣìṣe náà fi sùn láti ọdún wọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ẹ wò ó, níbí yìí ni ọwọ́ máa ń yá ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Mo ti fẹ́ pa `float` rẹ́, kí n sì máa pe ẹni tó kọ ọ́ ní òpònú nínú ọkàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ìtàn kóòdù náà.

```
git log -S "float(naira)" --oneline
```

Ohun tí `-S` ń ṣe ni kí ó wá àwọn kọ́míìtì, ìyẹn àwọn àyípadà tí wọ́n ti fi pamọ́ sínú `git`, tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọlé tàbí ti jáde. Ó wúlò ju `git blame` lọ fún irú iṣẹ́ yìí, torí orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kẹ́yìn ni `git blame` ń fi hàn, ó sì lè jẹ́ àlàfo lásán ni onítọ̀hún tún tò. Mo rí kọ́míìtì kan. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ó fi àlàyé sílẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, `int(naira) * 100` ló wà níbẹ̀, bí oníbàárà bá sì tẹ 1500.50, áàpù á kọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, `int("1500.50")` kì í gbà. Nítorí náà `float` kì í ṣe ìwà òpònú, ìṣòro kan ló wá yanjú. Bí mo bá pa á rẹ́ lásán, ìṣòro àtijọ́ yẹn á jí padà, á sì jí pẹ̀lú orúkọ mi lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè, torí ibẹ̀ ni ìwà tí ilé ti kọ́ wa ti máa ń dí wa lọ́wọ́ láìmọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí mo bá fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, màá kọ "Ẹ káàárọ̀ sà" ránṣẹ́ sí i, màá sì dúró kí ó dáhùn kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá. Bí ẹni kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Òun á rí i ní aago méjìlá, á dáhùn "Káàárọ̀, báwo ni?", èmi náà á wá rí ìdáhùn yẹn ní aago méjì. Ọ̀sán ti lọ lórí ìkíni. Ìkejì tún burú ju èyí lọ: bí ó bá ṣàlàyé tí kò yé mi, "Bẹ́ẹ̀ ni sà" ni màá sọ. Màá wá padà sídìí kọ̀ǹpútà lọ jókòó bí ère.

Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má kí àgbà. Ẹ kí i, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ yín lé ẹ̀yìn ìkíni náà nínú àtẹ̀ránṣẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tí mo kọ lọ́jọ́ tí mo rí kọ́bọ̀ yẹn nìyí, mo ṣì ní in lọ́wọ́:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Lórí ₦380 yẹn: `to_kobo("4.35")` ń dá 434 padà, 435 ló yẹ. Àtẹ̀jíṣẹ́ 38,000 ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦380 gééré. Mo ti rí i nínú ìtàn kóòdù pé torí 1500.50 ni wọ́n ṣe lo `float`. Mo fẹ́ fi `Decimal` rọ́pò rẹ̀. Ohun tí n kò rí nínú kóòdù ni èyí: bí ẹnì kan bá tẹ 4.355, ṣé ká kọ̀ ọ́ ni, àbí ká sọ ọ́ di iye tó sún mọ́ ọn?"

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dáhùn: "Kọ̀ ọ́. Owó olówó ni." Ẹ wo ìdí tí kò fi pẹ́. Kò ní láti béèrè ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́ mi, kò ní láti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì ti ṣe gbogbo ohun tí kóòdù lè dáhùn fúnra rẹ̀. Ìpinnu ló kù, n kò sì ní àṣẹ láti ṣe ìpinnu yẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni gbèdéke tí èmi fi fún ara mi nígbà yẹn: bí mo bá ti wo nǹkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí n kò rí ọ̀nà tuntun tí mo lè gbà, màá kọ ohun tí mo ti gbìyànjú sílẹ̀. Ìlàjì ìgbà, bí mo bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìdáhùn á dé, n kò sì ní fi ránṣẹ́ mọ́. Ìlàjì tó kù, màá fi ránṣẹ́.

Kí n tó fọwọ́ kan fọ́ńṣọ̀n náà, mo kọ tẹ́ẹ̀sì kan tó ní `to_kobo("4.35")` gbọ́dọ̀ jẹ́ 435. Mo jẹ́ kí ó kùnà níṣojú mi: `assert 434 == 435`. Tẹ́ẹ̀sì tí o kò bá rí i kí ó kùnà rí, o kò mọ̀ bóyá ohun tí o rò ló ń wò. Mo kọ `from decimal import Decimal` sókè fáìlì, mo wá kọ tèmi:

```python
def to_kobo(naira):
    kobo = Decimal(naira) * 100
    if kobo != kobo.to_integral_value():
        raise ValueError(naira)
    return int(kobo)
```

`Decimal` ń ka ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ní dẹ́símà, kò gba ọ̀nà òǹkà 0 àti 1 yẹn kọjá. Tẹ́ẹ̀sì gbà. Mo fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, àkíyèsí mẹ́sàn-án ló ń dúró dè mí. Mẹ́sàn-án, lórí ìlà márùn-ún! Inú mi kọ́kọ́ ru. Lẹ́yìn náà ni mo rí àkọ́kọ́ nínú wọn: "Kí ló dé tí fáìlì 41 fi yí padà?"

Mo rò pé kọ̀ǹpútà ń purọ́ mọ́ mi. Àfi ìgbà tí mo ṣe `git diff --stat main`, mo rí gbogbo wọn lórí ìlà. Ẹ́dítọ̀ mi ló ṣe é. Mo ti tan ohun tó ń tún kóòdù tò fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń fi í pamọ́, gbogbo fáìlì tí mo sì ti ṣí láti ọjọ́ oníbírò pupa ló ti yí àlàfo àti àmì ọ̀rọ̀ wọn padà. Ẹni tó fẹ́ ṣàyẹ̀wò yóò wá ìlà márùn-ún láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ẹ sì rántí `git blame` tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: bí wọ́n bá ti gbà á wọlé bẹ́ẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ oṣù kan ni yóò jẹ́ ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù ọdún púpọ̀ kẹ́yìn, káàkiri. Mo ṣí ẹ̀ka tuntun, mo kó fáìlì méjì péré wá síbẹ̀, ti fọ́ńṣọ̀n àti ti tẹ́ẹ̀sì. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi nǹkan ránṣẹ́ láì ka `git diff` tèmi tán bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Àkíyèsí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ kéré lójú. Ó ní: "Tí wọ́n bá tẹ 1,500 ńkọ́?"

Mo rò pé ìbéèrè ọmọdé ni. Ta ló ń fi kọ́mà tẹ owó? Gbogbo wa ni! Mo gbìyànjú rẹ̀, áàpù náà ṣubú lulẹ̀ pátápátá, ojú ewé funfun tó ní 500 lórí, nọ́ńbà tí sáfà fi ń sọ pé nǹkan bàjẹ́. Tẹ́lẹ̀, `float("1,500")` kì í gbà á náà, `ValueError` ló ń gbé jáde, ojú ewé fọ́ọ̀mù ti mọ `ValueError`, ó ń gbá a mú, ó ń sọ fún oníbàárà pé kí ó tún iye owó kọ. Ṣùgbọ́n `Decimal("1,500")` kò gbé `ValueError` jáde. `InvalidOperation` ni tirẹ̀, kì í sì í ṣe ọmọ `ValueError` rárá. Kò sí ẹni tó ń dúró dè é nínú fọ́ọ̀mù. Mo ti yí ohun tí fọ́ńṣọ̀n náà ń dá padà sí rere, mo sì ti yí ọ̀nà tó ń gbà sọ pé òun kò gba nǹkan padà láì mọ̀. Bí mo bá ti ṣe `git grep -n "to_kobo("` kí n tó fi ránṣẹ́, ǹ bá ti rí i pé ibi mẹ́rin ló ń pè é, àti pé owó àjọ fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Òkè fọ́ńṣọ̀n náà nìkan ni mo kà, n kò ka àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

```python
    try:
        kobo = Decimal(naira) * 100
    except InvalidOperation:
        raise ValueError(naira)
```

Mo fi `InvalidOperation` kún ìlà `import`, mo fi ìlà mẹ́rin yìí rọ́pò ìlà `kobo` àkọ́kọ́, mo sì kọ tẹ́ẹ̀sì kan fún "1,500". Mo tún fèsì sábẹ́ àkíyèsí kọ̀ọ̀kan: ohun tí mo yí padà àti kọ́míìtì tó wà. Orí kọ́míìtì tuntun ni mo ń kó wọn sí, n kò tún èyí àtijọ́ kọ, kí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò lè wo ohun tó yàtọ̀ láti àná nìkan.

Àkíyèsí kan wà tí n kò gbà. Ó ní ṣé `round` kò ní rọrùn ju `Decimal` lọ. Ọwọ́ mi gbọ̀n kí n tó fèsì, torí àgbà ni. Mo kọ ọ́ pé `round` á tún 4.35 ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n á gba 4.355 wọlé láì sọ̀rọ̀, a sì ti ní ká má gba irú rẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: "Òótọ́." Kò bínú, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Àwọn mẹ́fà tó kù, orúkọ tó gùn jù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo tún wọn ṣe láì jiyàn, torí kò sí èyí tó tó ohun tí a ń fi àárọ̀ jà lé lórí.

Wọ́n gbà á wọlé ní ọjọ́ kẹwàá. Mo sáré lọ sọ fún akáùńtáǹtì pé ó ti parí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó pè mí wá sídìí tábìlì rẹ̀, ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. Àtẹ̀jíṣẹ́ òwúrọ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ̀ 434. Àyà mi já. Mo lọ ka ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, láti fọ́ọ̀mù dé ibi ìpamọ́, kí n tó rí i: `to_kobo` kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ń lọ. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá tẹ iye owó sínú fọ́ọ̀mù nìkan ló ń ṣiṣẹ́. 434 ti wà nínú dátábéèsì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, kóòdù tuntun mi kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún 4.35 tẹ̀ síbẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi pamọ́, àwa méjèèjì sì tẹjú mọ́ ọn títí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi jáde pẹ̀lú 435.